Léèsì funfun, fọ́tò pupa: bí a ṣe ń fi WB tún àwọ̀ fọ́tò inú ilé ṣe

Ìsọmọlórúkọ kan ni, nínú pálọ̀ kan ní Ìbàdàn, aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ìyá ọmọ wọ léèsì funfun báláú. Mo ya fọ́tò àkọ́kọ́, mo yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i kí ó wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, "Bùrọ̀dá, ta ló da epo sí mi láṣọ?" Kò purọ́. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ tó kọjú sí gílóòbù ti pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí fèrèsé sì ṣe búlúù bí ẹni tó jókòó sábẹ́ tapólì. Bẹ́ẹ̀, bí èmi àti òun ṣe dúró nínú pálọ̀ yẹn, funfun ni léèsì náà lójú wa.

Ojú ènìyàn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ mu láìsọ fún wa. Bí a bá wọ yàrá tí iná rẹ̀ pọ́n, kò ní pẹ́ tí ọpọlọ wa á fi yọ pípọ́n yẹn kúrò nínú ohun tí à ń wò, tí aṣọ funfun á sì máa jẹ́ funfun. Kámẹ́rà kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wọ ojú rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, àfi bí a bá sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ fún un. Sísọ fún un yìí ló ń jẹ́ White Balance, òun náà ni WB tí ẹ máa ń rí lára kámẹ́rà.

Ẹni tó bá ti fi búlúù fọ aṣọ funfun rí ti mọ iṣẹ́ tí WB ń ṣe. Aṣọ funfun tó ti pọ́n, a máa ń po búlúù díẹ̀ sínú omi tí a fi ń ṣàn án. Búlúù yẹn á pa pípọ́n rẹ̀, aṣọ á funfun. Bí búlúù bá pọ̀ jù, aṣọ á di aláró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà ń ṣe. Bí iná bá pọ́n, á fi búlúù kún fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá búlúù, á fi yẹ́lò kún un. Ìwọ̀n búlúù tí aṣọ fẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí gílóòbù

K, ìyẹn Kelvin, ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo páálí gílóòbù, tàbí ìdí gílóòbù fúnra rẹ̀, ẹ máa rí i níbẹ̀: 3000K, 4000K, 6500K. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni iná ṣe máa ń pọ́n tó, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe máa ń búlúù tó. Iná àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1900K. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà nínú, èyí tó máa ń jó ni lọ́wọ́, wà láàárín 2700K sí 2900K. Oòrùn ọ̀sán àti fíláàṣì kámẹ́rà wà ní nǹkan bí 5500K. Iná funfun LED tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, 6500K ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi lójú nìyí. Bí ẹ bá yí WB kámẹ́rà sí 3000K, fọ́tò máa búlúù sí i ni, kò ní pọ́n. Wọ́n á ní ṣebí 3000K ni iná tó pọ́n, kí ló dé? Nọ́ńbà tí ẹ fi sínú kámẹ́rà kì í ṣe àwọ̀ tí ẹ fẹ́. Ìròyìn iná tó wà nínú yàrá ni. Ẹ sọ fún kámẹ́rà pé iná ibí pọ́n tó 3000K, òun náà sì da búlúù sí i láti pa á. Ẹ̀yin tí ẹ bá parọ́ fún un pé 8000K ni, á da yẹ́lò sí i, fọ́tò á sì pọ́n kọjá bó ṣe yẹ.

Nínú pálọ̀ yẹn, gílóòbù méjì tó wà lára ògiri jẹ́ 3000K. Ọ̀kan tó wà lókè tábìlì oúnjẹ jẹ́ 6500K. Fèrèsé ńlá kan wà lápá òsì, kẹ́tìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òjìji ìta ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á wọlé, oòrùn kò tíì dé ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òjìji lábẹ́ ojú sánmà tó mọ́ máa ń tó 7000K tàbí kó lé. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ló ń bá ara wọn jà lórí léèsì kan ṣoṣo. WB ti kámẹ́rà ń yàn fúnra rẹ̀, ìyẹn AWB, kò lè ṣe é. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló lè yàn fún gbogbo fọ́tò. Bó bá tẹ̀lé gílóòbù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á di búlúù, bó bá tẹ̀lé fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ gílóòbù á pọ́n. Ó yan àárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì bàjẹ́.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ènìyàn tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, kó kọ́kọ́ sọ ìmọ́lẹ̀ yàrá di oríṣi kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń fo èyí, wọ́n á ní àwọn á tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbà mí gbọ́, ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi pa suwíìṣì lè gba wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún yín lálẹ́.

Bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá tó, ẹ pa gbogbo gílóòbù, kí ẹ gbé àga ẹni tí ẹ fẹ́ yà sún mọ́ fèrèsé. Èyí ló dára jù fún fọ́tò ènìyàn kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹbí kún pálọ̀ tí àwọn àgbà sì fẹ́ ṣe ìwúre, kò ṣeé ṣe. Mo ti na ọwọ́ sí suwíìṣì, bàbá àgbà ní, "Kí lẹ fẹ́ pa iná fún, àbí ẹ fẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ nínú òkùnkùn?" Mo ní ẹ má bínú, bàbá. Mo yí padà: mo ní kí wọ́n bá mi fa kẹ́tìnnì, ó nípọn dáadáa, mo pa gílóòbù 6500K tó wà lókè tábìlì, mo sì fi méjì ti 3000K sílẹ̀. Yàrá pọ́n fòò, inú mi dùn. Pípọ́n tó jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri kò ṣòro tún ṣe. Àdàpọ̀ ló ń yọni lẹ́nu.

Iná tó kù kò pọ̀, nítorí náà mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, lọ sí 3200, mo sì fi shutter, ìyẹn àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí sílẹ̀, sí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Nọ́ńbà 1/100 yìí kì í ṣe àfojúdá. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50Hz, nítorí náà ọ̀pá fulorẹ́sẹ́ńtì àti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí shutter bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí i 1/500, fọ́tò kan á pọ́n, èyí tó tẹ̀lé e á ṣe àwọ̀ ewé, òmíràn á ní ìlà dúdú lójú. Ẹ lè máa yí WB títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dọ́gba, torí pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. Ẹ lo 1/50 tàbí 1/100 lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi eérú hàn án

Lẹ́yìn tí iná ti di ọ̀kan, ẹ wá fi ohun kan tí kò ní àwọ̀ han kámẹ́rà. Páálí aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń tà fún ayàwòrán ni mo máa ń lò, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ 18% sí lára. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ìwé funfun tí a fi ń tẹ̀wé. Ó sàn ju kí ènìyàn má lo nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ní èròjà nínú tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí di búlúù kí ó lè funfun lójú wa. Bí ẹ bá lò ó lẹ́bàá fèrèsé tàbí pẹ̀lú fíláàṣì, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló búlúù, á da yẹ́lò sí i, fọ́tò á pọ́n díẹ̀. Léèsì funfun tí wọ́n ti fi búlúù fọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé rárá.

Ọwọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà ni kí páálí wà, ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ gan-an. Ẹ má mú un dání sí ibi tí ẹ̀yin dúró sí, torí iná ibẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí rẹ̀. Mo gbé e fún ìyá ọmọ, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé e sí àyà." Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lórí Canon, ẹ ya páálí náà kí ó kún àárín fọ́tò, ẹ lọ sí `Custom White Balance` nínú mẹ́nù, ẹ yan fọ́tò yẹn, ẹ tẹ SET, ẹ gbà á. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ tún gbọ́dọ̀ padà sí WB, kí ẹ yan àmì Custom, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kámẹ́rà á ṣì máa lo AWB rẹ̀ lọ. Mo ti gbàgbé èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lórí ọ̀pọ̀ Nikon DSLR, ẹ yan `PRE`, ẹ di bọ́tìnì WB mú títí `PRE` á fi máa ṣẹ́jú, ẹ wá ya páálí. Bí `Gd` bá jáde, ó ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ `no Gd`, páálí ti mọ́lẹ̀ jù tàbí ó ṣú jù, ẹ tún un yà.

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lórí páálí lewu, torí bí pupa inú rẹ̀ bá ti kún débi tí kò lè lọ sókè mọ́, kámẹ́rà kò ní mọ bó ṣe pọ́n tó mọ́, búlúù tí á dà sí i kò sì ní pé. Ìdí nìyí tí eérú fi dára ju funfun lọ.

Bí kò bá sí páálí, ẹ lọ sí ibi tí a ti ń yan K fúnra ẹni. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára gílóòbù sí i, ẹ ya ọ̀kan, kí ẹ wo aṣọ funfun tó bá wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣì pọ́n, ẹ dín nọ́ńbà kù ní 200K; bí ó bá búlúù, ẹ fi 200K kún un. Ògiri aláwọ̀ ẹyin máa ń jẹ́ kí yàrá pọ́n ju nọ́ńbà gílóòbù lọ, torí náà kí ó má yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti lọ sí 2800K fún gílóòbù 3000K.

Nígbà tí wọ́n mú iná lọ

Àdúrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí wọ́n mú iná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ìfátà ilé náà ti gbé e, gbogbo ènìyàn ń bá ìwúre lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gílóòbù ni ìfátà yẹn ń tàn. Èyí tó wà lókè tábìlì nìkan ló so mọ́ ọn, suwíìṣì ìfátà ló wà lórí rẹ̀, ẹnì kan sì ti tàn án. Lójú yín, iná ò yí padà, ó kàn ṣú díẹ̀. Lójú kámẹ́rà tí mo ti sọ fún pé 3000K ni, pálọ̀ ti di inú odò. Fọ́tò mẹ́sàn-án ni mo yà kí n tó fura, gbogbo wọn búlúù rìdàrìdà. Mo tún páálí yà, mo tún WB ṣe, iṣẹ́ ń lọ.

Bí ilé bá ṣì ń lo gílóòbù àtijọ́ oníwáyà, ẹ tún ṣọ́ra fún jẹnẹrétọ̀ kékeré. Bí agbára iná bá wálẹ̀, gílóòbù yẹn á pọ́n sí i, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n pé ó máa ń rẹ̀ bí ẹyin iná. Ẹnikẹ́ni tó bá tan áyọ́ọ̀nù nínú yàrá kejì lè yí WB yín padà láìmọ̀. Òfin mi ni pé bí iná bá ti ṣe ohunkóhun, mo máa ya páálí lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà bí n kò bá ráyè yí WB lójú ẹsẹ̀, torí pé fọ́tò páálí yẹn á wúlò lálẹ́.

Lálẹ́, lórí kọ̀ǹpútà

Ó ń wúlò bí ẹ bá ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Nínú RAW, WB jẹ́ àkọsílẹ̀ lásán tó tẹ̀lé fọ́tò. Ẹ lè yí i padà láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Nínú JPEG, kámẹ́rà ti po búlúù mọ́ aṣọ, ó ti sá a gbẹ. Ẹ ṣì lè tún un ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti pọ́n jù, búlúù inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí ẹ bá fipá fà á jáde, ara ènìyàn á máa ṣe wínníwínní bí iyanrìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí epo wà lára rẹ̀. Mo ṣí i nínú Lightroom tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ní `Develop`. `Temp` rẹ̀ wà ní 4300. Mo gbé mọ́ọ̀sì sórí léèsì ní ẹ̀gbẹ́ gílóòbù, mo wo nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lábẹ́ `Histogram`, R fún pupa, G fún àwọ̀ ewé, B fún búlúù:

```
R 86  G 74  B 51
```

Ohun tí kò bá ní àwọ̀, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Níbí R ga, B wálẹ̀, ìyẹn ni pé ó pọ́n. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di dandan kí ojú yín gbà á. Bí B ló bá ga jù, búlúù ni. Bí G bá ga ju méjèèjì lọ, àwọ̀ ewé ti wà nínú rẹ̀, fulorẹ́sẹ́ńtì tàbí ògiri aláwọ̀ ewé ló sì sábà máa ń fà á.

Mo tẹ W, ohun tó dà bí ohun èlò tí a fi ń kán oògùn sójú jáde, mo sì tẹ páálí eérú nínú fọ́tò tí mo yà tẹ̀lé e lábẹ́ àwọn gílóòbù kan náà. `Temp` bọ́ sí 3050, `Tint` lọ láti +4 sí +9. Mo da ìyẹn lé fọ́tò àkọ́kọ́, léèsì di R 75, G 75, B 74. `Temp` ló ń ṣe búlúù àti yẹ́lò. `Tint` ló ń ṣe àwọ̀ ewé àti àlùkò, ẹ fà á sí ọ̀tún bí fọ́tò bá ṣe àwọ̀ ewé. Ẹ máa kọ́kọ́ tún `Temp` ṣe kí ẹ tó kan `Tint`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó kàn máa yí po ni.

Léèsì funfun wàyí, ṣùgbọ́n ojú ìyá ọmọ ti ṣe bí ẹni tí kò fi ìpara pa ara láti àná. Ara dúdú tí WB bá bọ́ gbogbo pípọ́n kúrò lára rẹ̀ máa ń hun bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rọ bá ti sọ léèsì di funfun pátápátá. Mo gbé `Temp` padà sí 3250. Léèsì pọ́n bíńtín, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ara rẹ̀ sì tún ń dán. Láàárín aṣọ àti ara, ara ni mo máa ń gbè. Láàárín 150 sí 300 ni mo sábà máa ń dá padà.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣì wà ní búlúù, kódà ó ti búlúù sí i. Fún ìyẹn, mo lọ sí `Masking`, mo yan `Brush`, mo fi kùn ẹ̀gbẹ́ náà nìkan, mo wá gbé `Temp` inú rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí léèsì òsì àti ọ̀tún fi jọra. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún fọ́tò kan. Àwọn tí mo yà lẹ́yìn tí a fa kẹ́tìnnì, mo tún ọ̀kan ṣe, mo yan gbogbo àwọn yòókù, mo tẹ `Sync`, wọ́n tún ara wọn ṣe.

Fóònù, fíláàṣì, àti iná tí kò ṣeé tún ṣe

Bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fi yà á, áàpù Snapseed tó. Ẹ ṣí fọ́tò, ẹ lọ sí `Tools`, ẹ yan `White Balance`, ẹ tẹ àmì ohun èlò ìkán-oògùn yẹn, ẹ gbé e sórí ohun tó yẹ kó jẹ́ eérú tàbí funfun. Ẹ má gbé e sórí funfun tó ti mọ́lẹ̀ jù débi pé ọ̀nà òwú kò hàn lára rẹ̀ mọ́. Eyín kò dára fún un, torí pé eyín ẹlòmíràn pọ́n látilẹ̀.

Fíláàṣì nínú yàrá tó pọ́n máa ń fa ìjà tirẹ̀: ènìyàn á dára, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n bí osùn. Bí ẹ bá wá tún WB ṣe fún ẹ̀yìn, ènìyàn á di búlúù. Rọ́bà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní CTO ni wọ́n ń fi bo ojú fíláàṣì. Odindi CTO máa ń mú 5500K wá sí nǹkan bí 3200K, ẹ ó wá yan `Tungsten`, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ fi fíláàṣì lu àjà, ẹ wo àwọ̀ àjà náà kọ́kọ́, torí àwọ̀ rẹ̀ ló máa bọ́ sórí ènìyàn.

Iná gbọ̀ngàn àríyá tí DJ ń yí, búlúù pọ́ńbélé tàbí àlùkò pọ́ńbélé, kò ṣeé tún ṣe. Àwọn àwọ̀ kan kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn rárá, WB kò sì lè fa ohun tí kò sí jáde. Ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun, tàbí kí ẹ lo fíláàṣì.

Fọ́tò ìsọmọlórúkọ yẹn, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán ní aago méjì òru, mo wò ó, ó dára, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣí i, gbogbo ẹbí ti di aláró. `Night light` kọ̀ǹpútà mi ti tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó sì ti jẹ́ kí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n. Èmi wá ń da búlúù sí pípọ́n tí kò sí nínú fọ́tò. Bí mo bá ti wo nọ́ńbà R, G àti B bí mo ṣe ń sọ fún ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti rí i. Mo pa á, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò páálí eérú.